Sàká: Ta Ló Jẹ ẹ́, Báwo La Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀, Ta Ló sì Tọ́ sí?

Ẹ̀kọ́ Ìsìn Ìsìláàmù ni mo ń kọ́ni, ṣùgbọ́n olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n fi èdè Yorùbá ṣàlàyé sàká fún yín, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ́ ọmọ oníṣòwò tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá tẹ̀dó sí Sókótó níbí. Lọ́dọọdún, bí Ràmàdáánì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń gbé wá: “Ọ̀gá, mélòó ni kí bàbá mi yọ? Ṣé ibí ni ká ti pín in ni, àbí ká fi ránṣẹ́ sílé?” Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú un ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ìlànà Màlíkì ni màá tẹ̀ lé, torí òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní Sókótó láti ayé Ṣéèhù Ùsìmáànù Dan Fódíò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àáfáà ilẹ̀ Yorùbá ń kà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ìlànà mìíràn ló kọ́.

Sàárà kọ́ ni sàká

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, wọ́n sì máa ń da ọmọdé láàmú. Bí ìyá rẹ bá din àkàrà pín fún àwọn ọmọ àdúgbò, sàárà ló ṣe. Kò sí iye tí wọ́n dá fún un, kò sí ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹnikẹ́ni ló sì lè fún, títí kan olówó àdúgbò. Bí kò bá ṣe é, kò jẹ gbèsè.

Sàká kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà tí àwọn Haúsá ti ní “zakka” ni a ti ní sàká, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìdàgbàsókè àti ìwẹ̀nùmọ́. Ẹ̀tọ́ àwọn kan ni, tó wà nínú owó ẹlòmíràn. Ó ní ìwọ̀n, ó ní àkókò, ó sì ní àwọn tó ń gbà á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò yọ ọ́, gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀, bó ti wù kó ṣe sàárà tó.

Ẹ tún má fi ti ìtúnu ààwẹ̀, èyí tí a ń yọ ká tó kírun ọdún, pè é. Tìyẹn, orí la fi ń kà á: sáà oúnjẹ kan fún olúkúlùkù nínú ilé, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó. Sàká tí mo ń sọ níbí, ọrọ̀ la fi ń kà á, kì í ṣe orí.

Ta ló jẹ ẹ́?

Mùsùlùmí tó ní ohun ìní tirẹ̀, tí ohun ìní náà tó òṣùwọ̀n kan, tí ọdún kan sì ti yí po lórí rẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn ni wọ́n ń pè ní nísáàbù. Ọdún tí mo wí yìí, háólù lorúkọ rẹ̀.

Láyé Ánábì Mùhámmádù, nísáàbù owó wúrà jẹ́ 20 dínárì, ti fàdákà sì jẹ́ 200 dírámù. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n lónìí, wúrà yẹn jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 85, fàdákà náà sì jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 595. Nígbà náà, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní iye. Lónìí, fàdákà ti di pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà, ìdí nìyẹn tí àwọn àáfáà fi ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tí a máa lò. Ti wúrà ni màá lò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Iye wúrà kì í dúró sójú kan, nítorí náà nísáàbù ní náírà kì í dúró. Ẹni tó fẹ́ ṣírò gbọ́dọ̀ béèrè iye giráàmù wúrà kan ní ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ pé, kì í ṣe iye tó gbọ́ lésìí.

Ọdún tí mo ní kó yí po yìí, ọdún òṣùpá ni. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì. Ẹ lè ní, “Ọjọ́ 11 náà ńkọ́?” Ẹ wò ó: láàrin ọdún 33 ti Jánúárì, ọdún òṣùpá ti di 34. Ẹni tó ń fi Jánúárì ka sàká rẹ̀ láti ìgbà èwe títí tó fi darúgbó ti fi odindi sàká ọdún kan jẹ tálákà láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń mú ọjọ́ kan nínú oṣù òṣùpá, bíi ọjọ́ kìíní Ràmàdáánì, tí wọ́n sì ń dúró tì í.

Ọmọdé ńkọ́? Èyí kan yín gan-an. Lójú Màlíkì, ọrọ̀ la wò, a ò wo ọjọ́ orí. Bí bàbá ọmọ kan bá kú tó fi owó sílẹ̀ fún un, tí owó náà tó nísáàbù tí ọdún sì yí po, alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò yọ sàká nínú owó ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ pé Sàyídínà Úmárù rọ àwọn alágbàtọ́ pé kí wọ́n máa fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò, kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: owó tó bá jókòó lásán, ìdá kan nínú ogójì á máa kúrò nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi wálẹ̀ kọjá nísáàbù. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ìpanu tí ẹ tì mọ́ inú àpótí yín nílé ẹ̀kọ́ kò débi kankan, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìṣirò Màmá aláṣọ

Ká ní màmá kan ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà ńlá Sókótó. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, n kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Ọjọ́ kìíní Ràmàdáánì ni ọdún rẹ̀ máa ń pé. Ká ní giráàmù wúrà kan jẹ́ ₦150,000 lọ́jọ́ náà. Nísáàbù rẹ̀ á jẹ́ 85 lọ́nà 150,000, ìyẹn ₦12,750,000.

Màmá ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí mélòó kan, ó mú bírò àti ìwé. Ohun mẹ́rin ló kọ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì: ₦6,400,000.

Ìkejì, aṣọ tó wà lórí pẹpẹ. Iye tí aṣọ náà ń lọ lọ́jà lónìí ló kọ, kì í ṣe iye tó rà á. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦11,200,000. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣi ọ̀nà. Àwọn kan á ní èrè nìkan ni àwọn máa kà. Àwọn mìíràn á ka iye tí wọ́n rà á lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ọjà ti fò sókè. Ọjà ló di owó, iye rẹ̀ lónìí ló wà lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ìkẹta, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tó ń san án déédéé, tí Màmá mọ̀ pé owó náà á wọlé, jẹ́ ₦1,800,000. Ó kà á mọ́ ọn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n gbé aṣọ ₦700,000 tí wọn ò sì gbé fóònù mọ́. Kò kà ìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá padà wọlé, yóò yọ sàká ọdún kan lórí rẹ̀.

Ìkẹrin, gbèsè tí òun náà jẹ. Alágbàtà kan ní Kánò ń retí ₦2,600,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká rò ó: 6,400,000 àti 11,200,000 àti 1,800,000 jẹ́ 19,400,000. Bí a bá yọ 2,600,000, ó ku ₦16,800,000. Èyí ju nísáàbù lọ. Ìdá kan nínú ogójì la ń yọ. A pín 16,800,000 sí ọ̀nà 40, ó jẹ́ ₦420,000. Sàká Màmá nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa, kó sọ ìdáhùn náà di ìlọ́po 40, kó wò ó bóyá ó padà sí 16,800,000.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Màmá kò kọ sílẹ̀? Kò ka ilé tó ń gbé. Kò ka mọ́tò tó fi ń lọ sọ́jà. Kò ka pẹpẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ, àti àga tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, torí kò fẹ́ tà wọ́n. Kò ka ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó ń wọ̀ lọ sóde, torí lójú Màlíkì, wúrà tí obìnrin ń lò fún ọ̀ṣọ́ tó bá ẹ̀tọ́ mu kò ní sàká. Ohun tó wà fún lílò kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà fún títà tàbí owó tó wà nílẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Oníṣòwò kan tún wà tí ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó ra ilẹ̀ tàbí ọjà pamọ́ tó ń retí ìgbà ọ̀wọ́n. Màmá ń rà, ó ń tà lójoojúmọ́, nítorí náà ó ń ka ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ra ilẹ̀ dúró dè ọ̀wọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlànà Màlíkì. Ọjọ́ tó bá tà á tí owó wọlé ni yóò yọ ti ọdún kan ṣoṣo, bí ọdún bá ti yí po lórí owó tó fi rà á, ìbáà jẹ́ ọdún márùn-ún ló ti wà nílẹ̀.

Oko: ọkà, omi, àti múdù

Ẹ jáde síta Sókótó díẹ̀, ẹ ó rí jéró àti ọkà bàbà lórí ilẹ̀ tó gbẹ, ẹ ó sì rí ìrẹsì àti àlùbọ́sà ní àkùrọ̀ létí odò Rímà. Sàká oko kì í dúró de ọdún. Ọjọ́ ìkórè ni ọjọ́ rẹ̀. Omi ló sì ń pín in sí méjì. Oko tí òjò ń rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Oko tí a fi ẹ̀rọ fà omi sí tàbí tí a ń fi wàhálà bu omi rin, ìdá kan nínú ogún. Ẹ rí i pé wàhálà ló dín in kù.

Nísáàbù oko jẹ́ wásíkì márùn-ún, ìyẹn sáà 300. Sáà kan jẹ́ múdù mẹ́rin, múdù kan sì ni ohun tí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n bá bù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì papọ̀. Tí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ ń kà á sí kílò 653, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ọkà kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ọjà níbí, wọ́n á ní “múdù mélòó lẹ fẹ́?”, wọ́n á sì gbé abọ́ wọn jáde. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà kọ́. Múdù Ánábì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì kílò lọ. Abọ́ ọjà tóbi jù ú lọ dáadáa. Sáà 300 jẹ́ múdù 1,200. Àgbẹ̀ tó bá fi abọ́ ọjà ka 1,200 kó tó gbà pé sàká ti kan òun á ti ní ọ̀pọ̀ kílò ju 653 lọ, á sì ti máa fi owó tálákà jẹun ní gbogbo ọdún tí ìkórè rẹ̀ bọ́ sí àárín. Ẹ má fi orúkọ wọn ọkà, ọwọ́ tàbí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Àpẹẹrẹ: àgbẹ̀ kan kórè jéró àpò 14, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 100. Òjò ló rin ín. 1,400 kílò ju 653 lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kílò 140. Ó tún kórè ìrẹsì àpò 16 ní àkùrọ̀, ẹ̀rọ ló fi fa omi sí i. 1,600 kílò, ìdá kan nínú ogún rẹ̀ jẹ́ kílò 80. Kò yọ owó ajílẹ̀ kúrò kó tó ṣírò.

Aládùúgbò rẹ̀ kórè jéró kílò 500 àti ọkà bàbà kílò 400. Ẹnì kan á ní, “Ó di 900, sàká ti kàn án.” Rárá o. Ní ìlànà Màlíkì, jéró dá dúró, ọkà bàbà dá dúró, ìrẹsì náà dá dúró. A kì í da wọ́n pọ̀ kó lè tó nísáàbù. Kò sí èyí tó tó 653 nínú méjèèjì, kò jẹ sàká kankan. Kódà ó lè jẹ́ ẹni tí a máa fún ni.

Àlùbọ́sà ńkọ́, tí Sókótó lókìkí rẹ̀? Sàká kò sí lórí àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ lójú Màlíkì, torí kì í ṣe oúnjẹ tí a ń gbẹ pamọ́ bí ọkà. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ náà bá tà á tí owó náà sì tó nísáàbù tó jókòó fún ọdún kan, owó yẹn ti di ti ìdá kan nínú ogójì.

Màlúù, àti ọ̀rọ̀ jángálì

Ẹran ọ̀sìn náà ní nísáàbù tirẹ̀. Màlúù 30 ni a ń yọ ọmọ màlúù kan lórí rẹ̀. Ẹni tó ní 29 kò jẹ nǹkan kan. Àgùntàn tàbí ewúrẹ́ 40 ni a ń yọ ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan yẹn náà ni títí dé 120. Bó bá di 121, ó di méjì. Ẹ rí i pé iye tí a ń yọ kì í lé pẹ̀lú orí kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí Múhámmádù Béló tẹ ìlú Sókótó dó ní 1809, ìjọba náà máa ń gba sàká ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ti màlúù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran. Ti màlúù yìí ni wọ́n ń pè ní jángálì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ́gun Sókótó ní 1903, wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di owó orí lórí màlúù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní màlúù márùn-ún, tí sàká kò kàn rárá, bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Owó náà kò sì lọ sọ́wọ́ àwọn tí sàká tọ́ sí mọ́, ọwọ́ ìjọba ló lọ. Orúkọ kò yí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti yí. Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ kí àgbàlagbà kan pe jángálì ní sàká, ẹ bi í pé jángálì ti ìgbà wo?

Ta ló tọ́ sí?

Àl-Kùránì, nínú Súrátù Táobà, dárúkọ ẹ̀yà èèyàn mẹ́jọ, kò sì sí ìkẹsàn-án. Àwọn ni: aláìní; tálákà tí tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ; àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbígbà àti pínpín sàká; àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra; ẹrú tí a fẹ́ dá sílẹ̀; onígbèsè; ojú ọ̀nà Ọlọ́run; àti arìnrìn-àjò tó há sọ́nà. Kò di dandan ká pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ dọ́gba-dọ́gba. Ibi tí àìní bá ti pọ̀ jù ni a máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú méjì tí ó ń rú èèyàn lójú. Onígbèsè ni ẹni tó yá owó fún ohun tó tọ́, bíi ìtọ́jú nílé ìwòsàn tàbí oúnjẹ ọmọ, tí kò sì rí i san. Ẹni tó fi owó ta tẹ́tẹ́ kò sí níbẹ̀, àyàfi tó bá ronú pìwà dà. Arìnrìn-àjò ni ẹni tó há sọ́nà, kódà kó jẹ́ olówó nílé rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń lọ sí Ìlọrin, tí wọ́n jí àpò rẹ̀ ní gárèéjì Sókótó. A lè fún un ní iye tó máa gbé e délé. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ lè fi owó ránṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, tàbí tó rí ẹni yá a lówó, kò tíì há.

Àwọn wo ni kò tọ́ sí? Olówó, àti àwọn tí ẹni náà gbọ́dọ̀ máa bọ́. Màmá aláṣọ kò lè kó ₦420,000 fún àwọn òbí rẹ̀ tí wọn ò ní, torí bíbọ́ wọn ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá fún wọn ní sàká, ara rẹ̀ ló fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ aláìní, tí bíbọ́ rẹ̀ kò pọn dandan fún un, ó lè fún un. Ọmọ òrukàn kì í gbà á nítorí pé ó jẹ́ òrukàn. Àìní ló ń mú un gbà á. Ọ̀pọ̀ àáfáà sì ní a kì í fi sàká kọ́ mọ́sáláásí. Sàárà wà fún ìyẹn.

Ohun méjì tún wà tí kò jẹ́ kí sàká ṣe. Ọ̀kan ni kí Màmá kó aṣọ tó ti ṣá, tí ẹnikẹ́ni ò rà, kó sì kà á ní iye aṣọ tuntun. Ìkejì ni kó lọ bá oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó ní, “Mo ti fi sàká mi dárí gbèsè rẹ jì ọ́.” Màlíkì kò gba ìyẹn. Owó tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ló fi ń gba ara rẹ̀ là. Kó fún ọkùnrin náà ní sàká bó bá jẹ́ aláìní. Bí ọkùnrin náà bá fúnra rẹ̀ fẹ́ fi san gbèsè, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí, kí Màmá má ṣáà fi lé e lọ́rùn.

Ṣé ibí ni, àbí ilé?

Ìbéèrè yín nìyí, mo mọ̀ pé ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ará ilé. Bàbá á ní àwọn èèyàn òun ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ń retí. Àwọn aládùúgbò níbí náà ń wojú rẹ̀.

Nígbà tí Ánábì rán Múáàsì lọ sí Yámánì, ohun tó ní kó ṣàlàyé fún wọn ni pé lọ́wọ́ olówó wọn ni a ó ti gbà á, tálákà wọn ni a ó sì dá a padà fún. Láti inú èyí ni Màlíkì ti mú un pé ibi tí ọrọ̀ náà wà ni a ó ti pín in. Ọjà Sókótó ni Màmá ti rí owó. Àwọn alábàárù Sókótó ló ru ẹrù rẹ̀, àwọn ará Sókótó ló ra aṣọ rẹ̀. Tálákà tó wà níbí ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Bí àìní bá wà níbòmíràn tó ju ti ibí lọ, a lè gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé àbúrò bàbá wà nílé ló ń gbé sàká kúrò níbí. Àìní tó pọ̀ jù ni, a sì gbọ́dọ̀ mọ àìní náà, ká má kàn gbọ́ ọ lẹ́nu. Bàbá tó bá fẹ́ ran ará ilé lọ́wọ́, sàárà àti ẹ̀bùn kò ní ààlà.

Ẹni tí kò mọ ẹni tí yóò fún lè lo àjọ tó wà nílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Sókótó ní Àjọ Sàká àti Wákàfù tirẹ̀, tó ń gba sàká tó sì ń pín in fún àwọn aláìní. Sísan owó ìtọ́jú aláìsàn wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Èkó àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn àjọ aládàáni ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ìdánrawò

Ẹ dáhùn kẹ́ ẹ tó wo ìsàlẹ̀. Nísáàbù owó tí a lò fún Màmá, ₦12,750,000, ni kẹ́ ẹ lò.

1. Ọmọ òrukàn ọdún 12 jogún ₦16,000,000. Ọdún kan ti yí po, owó náà ṣì wà ní báńkì. Mélòó ni sàká rẹ̀, ta ni yóò sì yọ ọ́?

2. Àgbẹ̀ kan kórè jéró kílò 600 tí òjò rin, àti ìrẹsì kílò 600 tó fi ẹ̀rọ fa omi sí. Mélòó ni yóò yọ?

3. Ọkùnrin kan ní ₦9,000,000 ní báńkì, ó sì ní mọ́tò ₦20,000,000 tó fi ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ṣé sàká kàn án?

4. Darandaran kan ní àgùntàn 120. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ọdún pé, àgùntàn kan bímọ kan. Mélòó ni yóò yọ?

Ìdáhùn: (1) ₦400,000, alágbàtọ́ rẹ̀ ni, nínú owó ọmọ náà. (2) Kò jẹ nǹkan kan. Ọkà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sì sí èyí tó tó 653. (3) Rárá, mọ́tò náà wà fún lílò, owó rẹ̀ kò sì tó nísáàbù. (4) Méjì; ọmọ ẹran máa ń tẹ̀ lé ọdún ìyá rẹ̀, nítorí náà 121 ni a ó kà.

Ẹni tó bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìṣirò ní Ràmàdáánì tó ń bọ̀. Ẹni tí ìkẹrin bá ṣòro fún, kó wá bá mi ní yàrá olùkọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì.